Ẹ Jẹ́ Kí Àṣamọ̀ Yín Sọ Ohun Tí Ẹ Rí

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1747, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ James Lind bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nínú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Salisbury. Atukọ̀ 12 ló kó jọ sí ojú kan, àìsàn sìkọ́fì sì ló ń ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí sìkọ́fì bá mú, èrìgì rẹ̀ á máa jẹrà, àbààwọ́n á yọ sí i lára, á máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, orúnkún rẹ̀ kò sì ní lè gbé e dúró dáadáa. Lónìí, a mọ̀ pé àìjẹ èso àti ewébẹ̀ tútù fún ìgbà pípẹ́ ló ń fà á, nítorí fítámì Sí tó wà nínú wọn. Nígbà náà, àwọn oníṣègùn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á. Lind pín àwọn 12 náà ní méjì méjì, ó fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀, ó sì ń ṣọ́ wọn.

Ní ọdún 1753, ó tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn náà. Ìwé ọ̀hún lé ní 400 ojú ewé. Ìròyìn ohun tó ṣe fún àwọn atukọ̀ 12 yẹn, àti ohun tó rí lára wọn, kò ju ìpínrọ̀ mélòó kan lọ láàárín gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti tú ìwé náà wò títí ojú rẹ̀ á fi kan ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń lo ìdánwò Lind bí mo bá ń bá àwọn ọ̀dọ́ tún àṣamọ̀ wọn ṣe. Àṣamọ̀ ni ìsọníṣókí tó máa ń wà níwájú iṣẹ́ ìwádìí, tí kì í sábà ju 250 ọ̀rọ̀ sí 300 lọ. Òun ni ìgbìmọ̀ àpérò máa ń kà kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á pe èèyàn. Òun náà ni ẹni tó ń wá ìmọ̀ lórí fóònù rẹ̀ máa ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ìyókù iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn owó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka àṣamọ̀ yín kò ní ka ohun mìíràn nínú iṣẹ́ náà mọ́. Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀: kí ni ẹ fẹ́ mọ̀, kí ni ẹ ṣe, kí ni ẹ rí, kí sì ni ohun tí ẹ rí náà jẹ́ ká lè sọ. Èròńgbà, ìlànà, àbájáde àti ìgúnlẹ̀ ni a máa ń pè wọ́n. Àwọn oníṣègùn mú ọ̀rọ̀ yìí le débi pé, ní ọdún 1987, ìwé àtìgbàdégbà ńlá kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àbá jáde pé kí wọ́n máa kọ àkọlé kéékèèké sí ara àṣamọ̀, kí olùkọ̀wé má baà fo ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n àkọlé nìkan kò tó. Mo ti rí àṣamọ̀ tí wọ́n kọ "Àbájáde" gàdàgbà sí, tí kò sì sí àbájáde kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo irú àṣamọ̀ tí èèyàn lè kọ fún iṣẹ́ Lind. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ka àṣamọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò mọ ìran rẹ̀:

"Àrùn sìkọ́fì jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn atukọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń fà á. Ìlera àwọn atukọ̀ sì ṣe pàtàkì fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àyẹ̀wò ìtọ́jú àrùn sìkọ́fì. Oríṣiríṣi ìtọ́jú ni a lò fún àwọn aláìsàn nínú ọkọ̀ ojú omi. A jíròrò lórí àbájáde rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. A dábàá pé kí ìjọba àti gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn mú ìlera àwọn atukọ̀ ní ọ̀kúnkúndùn."

Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ kò ní mọ̀ pé ọsàn wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú bírò aláwọ̀ mẹ́rin, awọ̀ kan fún nǹkan kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì máa ń fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí kò bá sí nínú mẹ́rin náà, mo máa ń fi í sílẹ̀ láìfàlà sí. Nínú àṣamọ̀ òkè yìí, gbólóhùn méje ló wà. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba àwọ̀ kankan. Ìfáárà ni wọ́n. Ìkẹrin gba àwọ̀ èròńgbà, ìkarùn-ún gba àwọ̀ ìlànà. Ìkẹfà ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ó dárúkọ àbájáde, kò sì sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó sọ fún àlejò pé oúnjẹ wà nílé, tí kò sì gbé e kalẹ̀. Kò yẹ kó gba àwọ̀ kankan. Ìkeje jẹ́ ìmọ̀ràn fún ìjọba tí èèyàn lè kọ láìtíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí, tí kò sì bá ohunkóhun tí a rí tan. Bí a bá wo bébà náà báyìí, a ó rí i pé àwọ̀ méjì péré ló wà lórí rẹ̀, àwọ̀ àbájáde kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí léèrè nígbà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé èèyàn á kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni, kó tó wọ inú rẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé àyè tó ní ni kó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ní 250 ọ̀rọ̀, tó sì ti ná 120 lórí ìpìlẹ̀, kí ni yóò fi kọ́lé? Gbólóhùn kan tó fi ibi tí ìmọ̀ kù sí hàn ti tó fún ìfáárà. Bí gbólóhùn náà bá lè bá iṣẹ́ ogún mìíràn mu, bí èyí tó ń sọ pé ohun kan "ṣe pàtàkì fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè", ẹ pa á rẹ́.

Tí a bá ti pa ìyẹn rẹ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èmi gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú àbájáde, nítorí òun nìkan ni ẹlòmíràn kò lè bá wọn kọ. Ẹ pa ìwé yín dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí lẹ́nu, bí ẹni tó ń ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí Lind rí nìyí. Ó fún àwọn méjì kan ní ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni èso náà fi tó, nítorí ìwọ̀nba tí ọkọ̀ náà lè yọ̀ǹda ti tán. Síbẹ̀, lópin ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ara ìkejì mókun ju ti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní irú ipò kan náà lọ, débi pé wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn aláìsàn yòókù. Àwọn méjì tó mu sídà, ìyẹn ọtí èso ápù, gbádùn díẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ẹnu àwọn tó mu ásíìdì tí wọ́n fi omi là mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Àwọn tó gba fínígà, àwọn tó mu omi òkun, àti àwọn tó lá àpòpọ̀ áyù àti músítáàdì, kò sí èyí tó ṣe wọ́n lóore kan tó hàn.

Ẹ kíyè sí i pé iye wà níbẹ̀, ìfiwéra sì wà níbẹ̀. Bí a bá kọ pé "ọsàn ṣiṣẹ́", ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ ju kí ni lọ? Lára èèyàn mélòó? Láàárín ọjọ́ mélòó? Àbájáde tí kò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì di àbájáde. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ náà jẹ́ àbájáde pẹ̀lú. Bí Lind bá fi omi òkun àti fínígà pa mọ́, a kò ní mọ ohun tí ọsàn fi dára jù.

Nígbà tí àbájáde bá ti dúró, èròńgbà á rọrùn í kọ, nítorí ìbéèrè tí àbájáde náà dáhùn ni. "Ṣe àyẹ̀wò ìtọ́jú àrùn sìkọ́fì" kì í ṣe ìbéèrè. "Èwo nínú ìtọ́jú mẹ́fà ló ṣiṣẹ́ jù fún atukọ̀ tó ní sìkọ́fì?" ni ìbéèrè. Ẹ wá gbé èròńgbà àti àbájáde sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Bí èròńgbà bá ń sọ nípa "ìtọ́jú", tí àbájáde wá ń sọ nípa "ìhà tí àwọn atukọ̀ kọ sí oúnjẹ", ohun kan ti já láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Kíkọ àbájáde ṣáájú kò sọ pé kí ẹ yí èròńgbà padà kó lè bá ohun tí ẹ rí mu. Bí ìbéèrè tí ẹ tìtorí rẹ̀ jáde nílé kò bá rí ìdáhùn, tí ẹ sì wá rí nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà, ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì sọ pé kò rí ìdáhùn. Ẹni tó ń pààrọ̀ ìbéèrè lẹ́yìn tó ti rí ìdáhùn ń tan òǹkàwé jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iye tó kọ ló péye.

Ìlànà ló kàn. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ níbẹ̀ ni àwọn wo, wọ́n jẹ́ mélòó, kí ni a ṣe fún wọn, fún ọjọ́ mélòó, kí ni a fi wéra. "Oríṣiríṣi ìtọ́jú" kò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo fẹ́ràn Lind níbí yìí, nítorí ó kọ ohun tó mú kí ìfiwéra rẹ̀ tọ́: ojú kan náà ni gbogbo àwọn 12 wà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ó sì yan àwọn tí àìsàn wọn jọra bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Lẹ́yìn náà, ó tún kọ ohun tó ba ìjọra yẹn jẹ́. Méjì nínú àwọn tí àìsàn wọn le jù, tí iṣan ẹ̀yìn orúnkún wọn ti gan, èyí tí kò sí lára àwọn yòókù, àwọn ló fún ní omi òkun. Ṣé omi òkun ni kò wúlò, àbí àìsàn àwọn méjì yẹn ló ti kọjá bẹ́ẹ̀? Ìdánwò náà kò lè sọ. Gbólóhùn tó fi èyí hàn kò ju ọ̀rọ̀ mọ́kànlá lọ, ó sì yẹ kó wà nínú àṣamọ̀, nítorí òun ni òǹkàwé yóò fi mọ bí òun ṣe lè gbára lé ohun tó tẹ̀ lé e tó.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tó jẹ́ ti èdè wa gan-an: "yóò". Bí mo bá rí "iṣẹ́ yìí yóò wádìí" tàbí "a ó ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò", mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú àbá tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdàkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, àṣamọ̀ ṣì ń ṣèlérí. Nínú èdè Yorùbá, àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: ẹ yọ "yóò" kúrò, kí ọ̀rọ̀-ìṣe dá dúró. "Iṣẹ́ yìí wádìí." "A fún wọn." "A rí i pé." Bí "a rí i pé", tàbí ohun tó jọ ọ́, kò bá tíì jáde nígbà tí òǹkàwé bá dé ìdajì àṣamọ̀ yín, ẹ padà lọ wò ó.

Ìgúnlẹ̀ ni mo rí i pé ó máa ń da àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá láàmú. Kì í ṣe àtúnsọ àbájáde, kì í sì í ṣe ìwàásù. Ohun tí àbájáde náà lè gbé ni, láìjẹ́ pé ẹrù náà tóbi jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ilé. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa jù, èyí kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára. Ìfẹ́ tí mo ní sí èdè yìí lè mú kí n fẹ́ kọ ọ́ ní ìgúnlẹ̀ pé èdè abínibí ni kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lágbàáyé máa lò títí dé yunifásítì. Ìwádìí náà kò dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ló wò, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tuntun tí wọ́n dìídì kọ fún wọn ní Yorùbá àti olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ dáadáa. Ìgúnlẹ̀ tó bá dárúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ni alátakò kò ní lè bì ṣubú.

Ó ti tó wàyí kí a tún àṣamọ̀ Lind kọ:

"Sìkọ́fì ń ṣe ọ̀pọ̀ atukọ̀ tó pẹ́ lórí òkun, oríṣiríṣi ìtọ́jú ni wọ́n sì ń lò fún un láìmọ èyí tó dára jù. Iṣẹ́ yìí wádìí èwo nínú ìtọ́jú mẹ́fà ló ṣiṣẹ́ jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1747, nínú ọkọ̀ Salisbury, a pín atukọ̀ 12 tó ní sìkọ́fì sí ìsọ̀rí mẹ́fà, méjì méjì. Ojú kan náà ni wọ́n wà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì jẹ. Fún ọjọ́ 14, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan nínú sídà, ásíìdì tí a fi omi là, fínígà, omi òkun, àpòpọ̀ áyù àti músítáàdì, tàbí ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Èso tán lọ́jọ́ kẹfà. Àwọn tí àìsàn wọn le jù la fún ní omi òkun. Lọ́jọ́ kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jẹ èso ti lè ṣiṣẹ́, ìkejì sì ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn yòókù. Àwọn tó mu sídà gbádùn díẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ẹnu àwọn tó mu ásíìdì mọ́ díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ mìíràn lára wọn tàbí lára àwọn mẹ́fà tó kù. Nínú ìtọ́jú mẹ́fà yìí, ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló ṣiṣẹ́ jù, tó sì yára jù. Nítorí pé èèyàn méjì péré ló gbà á, ó yẹ kí a tún un dán wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn."

Kò tó 250 ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi bírò mẹ́rin yẹn kàn án, gbogbo àwọ̀ ló máa hàn, ti àbájáde sì gba àyè tó yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù: kí wọ́n fi àṣamọ̀ wé inú iṣẹ́ náà, iye sí iye. Ní ọdún 1999, Roy Pitkin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà JAMA, lórí àṣamọ̀ inú mẹ́fà nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn tó lókìkí jù. Wọ́n wá àṣamọ̀ tó ní iye tí kò bá ti inú iṣẹ́ mu, tàbí tí kò tilẹ̀ sí nínú iṣẹ́ náà rárá. Nínú ìwé tó dára jù, àṣamọ̀ 18 nínú 100 ló ní àbùkù bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó burú jù, 68 nínú 100. Ohun tó máa ń fà á kò ṣòro láti mọ̀. Olùwádìí tún tébù rẹ̀ ṣe lálẹ́, ó gbàgbé pé iye ti àtijọ́ ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti tún àṣamọ̀ yín kọ tán, ẹ fi ìka tẹ iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì gbé ìka náà kúrò títí ẹ ó fi rí i nínú tébù.

Ọdún 1795 ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún atukọ̀ wọn ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Mi ò ní sọ pé àìsí àṣamọ̀ ló fà á, bẹ́ẹ̀ kọ́. Lind fúnra rẹ̀ gbà pé ohun púpọ̀ ló ń fa sìkọ́fì, ó sì dábàá pé kí wọ́n máa fi iná gbé omi èso náà títí yóò fi ki, kó lè pẹ́ nínú ọkọ̀, láìmọ̀ pé iná ń ba ohun tó ń wo àrùn náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé rẹ̀ ní ọdún 1753 kò lè ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ kó rí i pé ọjọ́ mẹ́fà ni ọsàn fi gbé atukọ̀ kan dìde.

Tí ẹ bá ní àṣamọ̀ kan lọ́wọ́ báyìí, ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà fún yín, kó wá sọ ohun tí ẹ rí fún yín lẹ́nu. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má ṣe tíì fi ránṣẹ́.